Bí a ṣe lè sọ ìtàn ní ṣókí láìjẹ́ kí oríta rẹ̀ sọnù

Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó sọ àlọ́ tàbí ìtàn àròsọ kan ní ṣókí sábà máa ń ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí, yóò máa kó gbogbo rẹ̀ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àkókò yóò fi fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì dé ìdajì, yóò wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo gbá ìyókù jọ. Èkejì ni pé yóò fi ìtàn náà sílẹ̀ pátápátá, yóò sì mú ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sọ: "Ìtàn nípa ojúkòkòrò ni." Ẹni tí ó gbọ́ ti àkọ́kọ́ mọ bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìkan, ẹni tí ó gbọ́ ti èkejì kò mọ ohunkóhun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun kan náà ni ó sì fa àṣìṣe méjèèjì: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò tíì wá ibi tí ìtàn náà ti yà rí kí ó tó la ẹnu.

Oríta ni n ó máa pe irú ibẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Oríta ni ibi tí ẹ̀dá ìtàn kan ti ṣe ohun kan, tàbí tí ó ti gbọ́ ohun kan, tàbí tí ohun kan ti dé bá a, tí ọ̀ràn kò sì lè padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà lọ. Bí a ṣe fi ìdí so àwọn oríta wọ̀nyí mọ́ ara wọn ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ń pè ní àhunpọ̀ ìtàn. Nígbà tí a bá ń gé ìtàn kúrú, ọ̀nà tí ó wà láàárín oríta kan sí èkejì ni à ń gé. A kò gbọ́dọ̀ gé oríta fúnra rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà wà lófuurufú, àlọ́ kan tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti kékeré ni n ó fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí.

Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, kò rí ọmọ bí fún ọdún púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun tọkọtaya. Ìjàpá lọ bá babaláwo kan. Babaláwo náà se àsèjẹ kan tí yóò mú kí ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lóyún, ó gbé e fún Ìjàpá, ó sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé Yánníbo nìkan ni ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, Ìjàpá kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án rárá. Ọ̀nà jìn, oòrùn mú, òórùn àsèjẹ náà sì ń ta sánsán. Ìjàpá ṣí ìkòkò wò. Ó tọ́ díẹ̀ wò, ó dùn. Ó tún tọ́ díẹ̀ sí i. Kí ó tó mọ̀, ó ti lá ìkòkò náà mọ́. Kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn aboyún. Ó fi eré padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń kọrin bọ̀ lọ́nà, orin tí àwọn ọmọdé máa ń fi "alugbinrin" gbè. Nínú orin náà ni ó ti ń bẹ babaláwo, tí ó sì ń ṣàlàyé pé gbòǹgbò ọ̀nà ni ó gbé òun ṣubú, pé ọbẹ̀ náà ta sí òun lọ́wọ́, òun sì ṣèèṣì fi ọwọ́ náà kan ẹnu. Babaláwo wo bí ikùn náà ti tóbi tó, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ọwọ́ tí ó kan ẹnu lọ, ó sì ní kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ikùn Ìjàpá wú títí ó fi bẹ́, ó sì kú.

Ẹ kọ òpin sílẹ̀ ná

Ẹ ka ìtàn náà tàbí kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹni tí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí ó ti ń kà á lọ yóò kọ púpọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé gbogbo nǹkan ni ó dà bí ẹni pé ó ṣe pàtàkì nígbà tí a kò tíì mọ ibi tí ọ̀ràn ń lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé òpin, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ sì kọ gbólóhùn méjì péré: ọ̀kan nípa bí nǹkan ti rí kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nípa bí ó ti rí níkẹyìn. Nínú àlọ́ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ni pé Yánníbo kò lóyún, òpin sì ni pé Ìjàpá ni ikùn rẹ̀ wú tí ó fi kú.

Ẹ wo gbólóhùn méjèèjì náà dáadáa. Ẹni tí ó yẹ kí ó lóyún kọ́ ni ó lóyún, ẹni tí ó sì lọ wá ìwòsàn ni ó bá oògùn lọ. Láti orí gbólóhùn méjì péré ni a ti rí i pé àwọn oríta inú ìtàn náà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun méjì: bí oyún ṣe ṣìnà, àti ìdí tí kò fi sí ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ó ti ṣìnà tán. Ohunkóhun tí kò bá ran ìkan nínú méjèèjì lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ara ọ̀nà lásán.

Ẹ fi ẹ̀yìn rìn, kí ẹ máa béèrè ohun tí ó fà á

Láti òpin, ẹ máa padà sẹ́yìn pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ó fa èyí? Ìjàpá kú, kí ni ó fà á? Ikùn rẹ̀ bẹ́, babaláwo kò sì gbà á sílẹ̀. Kí ni ó fà á tí babaláwo kò fi gbà á sílẹ̀? Ó rú ìkìlọ̀, ó tún wá fi irọ́ bò ó. Kí ni ó fa wíwú ikùn? Ó jẹ àsèjẹ. Kí ni ó fà á tí ó fi jẹ ẹ́? Òórùn rẹ̀ borí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Kí ni ó fà á tí àsèjẹ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó lọ gbà á nítorí pé ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Nígbà tí ìbéèrè náà kò bá ní ìdáhùn mọ́ nínú ìtàn, a ti dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A kò béèrè ìdí tí Yánníbo kò fi bímọ, nítorí pé àlọ́ náà kò sọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ fífi ẹ̀yìn rìn ni pé bí a bá fi iwájú rìn, ọ̀rọ̀ tí yóò máa wá sí wa lẹ́nu ni "lẹ́yìn náà", ohun gbogbo ni ó sì lè tẹ̀lé "lẹ́yìn náà". Oòrùn mú, lẹ́yìn náà Ìjàpá jókòó, lẹ́yìn náà ó nu ojú. Bí a bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, jíjókòó àti ojú nínù kò ní bọ́ sí wa lọ́wọ́ rárá, nítorí pé wọn kò fa ohunkóhun.

Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wo bóyá òpin ṣì dúró

Nísinsìnyí, ẹ mú ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn, kí ẹ sì wò ó bóyá òpin náà ṣì ní ìtumọ̀. Bí òpin bá wó, oríta ni ẹ yọ. Bí òpin bá dúró ṣùgbọ́n tí ìtàn náà kàn gbẹ díẹ̀ sí i, ohun ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ yọ jíjìn ọ̀nà àti mímú oòrùn: òpin dúró. Ẹ yọ bí Ìjàpá ṣe kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì: òpin dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹ wá yọ ìkìlọ̀ babaláwo. Ìjàpá ṣì lè jẹ àsèjẹ, ikùn rẹ̀ ṣì lè wú, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ti di ti ẹni tí ó ṣèèṣì jẹ ohun tí kò mọ̀. Kò sí ìdí fún irọ́ mọ́, nítorí pé kò sí ohun tí ó ń bò; ìyẹn ni pé òpin wó.

Ìkìlọ̀ ni nǹkan tí ó máa ń sọnù jù nígbà tí a bá ń sọ àlọ́ ní ṣókí, ìdí rẹ̀ sì yé mi: ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò sí ìṣe kankan nínú rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ń kánjú. Bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ àti rírú rẹ̀ kì í ya ara wọn. Vladimir Propp, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó tú 100 àlọ́ ilẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ tí ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1928, ka iṣẹ́ 31 tí àwọn ẹ̀dá inú àlọ́ máa ń ṣe. Ìkìlọ̀ ni ìkejì nínú wọn, rírú ìkìlọ̀ sì ni ìkẹta, ó sì kà wọ́n sí méjì tí ń rìn pọ̀. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo àlọ́ ni ó bá iye rẹ̀ mu. Ohun tí a lè mú lò níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá rí ẹni tí ó rú nǹkan nínú ìtàn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ẹ sì gbé méjèèjì wọlé pa pọ̀.

Orin inú àlọ́ yìí fẹ́ kí a dúró tì í díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka orin sí ohun ọ̀ṣọ́ tààrà, wọn a sì yọ ọ́. Nínú àwọn àlọ́ àpagbè mìíràn, òótọ́ ni: orin kàn ń tún ohun tí a ti mọ̀ sọ, kí àwọn olùgbọ́ lè rí nǹkan gbè. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí orin Ìjàpá ń sọ. A ti rí Ìjàpá tí ó ṣí ìkòkò fúnra rẹ̀. Orin ní gbòǹgbò ni ó gbé e ṣubú. A ti rí i tí ó lá ìkòkò mọ́. Orin ní ọwọ́ ni ó kan ẹnu. Orin náà kò bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu, àìbáramu yẹn gan-an sì ni oríta. Ìjàpá ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀, ìjẹ́wọ́ àti irọ́, irọ́ ni ó sì mú. Nítorí náà, ẹ lè yọ ohùn orin, ègbè rẹ̀, àti gbogbo ìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ gbọ́dọ̀ dúró. Òfin tí mo máa ń tẹ̀lé ni pé n kò ní yọ orin kankan kí n tó fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wé ohun tí àlọ́ ti fi hàn wá.

Nígbà tí a bá yọ gbogbo èyí tí ó yẹ kí a yọ, oríta tí ó kù nínú àlọ́ yìí jẹ́ márùn-ún: lílọ gba àsèjẹ nítorí àìrọ́mọbí, ìkìlọ̀, jíjẹ àsèjẹ, irọ́ inú orin, àti kíkọ̀ babaláwo. Wíwú ikùn àti ikú jẹ́ àbájáde, ìyẹn ni pé a gbọ́dọ̀ sọ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò gba àlàyé. Bí ẹ bá rí oríta mẹ́wàá tàbí méjìlá nínú àlọ́ kékeré, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ka ìgbésẹ̀ oríta kan sí oríta púpọ̀, bí ẹni tí ó ka títọ́ wò lẹ́ẹ̀kíní, títọ́ wò lẹ́ẹ̀kejì àti lílá ìkòkò mọ́ sí oríta mẹ́ta.

Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú "ṣùgbọ́n" àti "nítorí náà"

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí kò dára ná. Irú rẹ̀ ni a sábà máa ń rí:

"Ìjàpá àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé pọ̀, wọn kò sì bímọ. Lẹ́yìn náà, Ìjàpá lọ gba oògùn lọ́dọ̀ babaláwo. Lẹ́yìn náà, ó jẹ oògùn náà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó padà lọ kọrin fún babaláwo, ó sì kú."

Kò sí irọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ àlọ́ náà rí yóò rò pé oògùn burúkú ni babaláwo fún Ìjàpá. Ìkìlọ̀ kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí oògùn náà wà fún kò sí níbẹ̀. A gbọ́ pé ó kọrin, a kò gbọ́ ohun tí ó kọ. Ikú rẹ̀ dé láìnídìí.

Ẹ wá fi èyí wé e:

"Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, kò rí ọmọ bí, nítorí náà Ìjàpá lọ bá babaláwo kan. Babaláwo se àsèjẹ tí yóò mú kí ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lóyún, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ borí Ìjàpá lójú ọ̀nà, ó sì jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, ikùn tirẹ̀ ni ó wú bí ti aboyún. Ó sáré padà lọ bẹ babaláwo, ṣùgbọ́n dípò kí ó jẹ́wọ́, ó ń fi orin sọ pé gbòǹgbò ni ó gbé òun ṣubú tí ọbẹ̀ fi kan òun lẹ́nu. Babaláwo mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì kọ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ikùn Ìjàpá bẹ́, ó sì kú."

Gbólóhùn méje ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé "lẹ́yìn náà" kò sí nínú rẹ̀ níbì kankan. "Ṣùgbọ́n" àti "nítorí náà" ni ó gba ipò rẹ̀. Ìdánwò tí ó yára jù fún iṣẹ́ tí ẹ bá ti kọ tán nìyí. Ẹ fi ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó so gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí "lẹ́yìn náà", "nígbà tí ó yá" tàbí "ó wá" léraléra, ẹ gbìyànjú láti fi "ṣùgbọ́n" tàbí "nítorí náà" rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá wọlé láìsí wàhálà, ìdí wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn gbàgbé láti sọ ọ́ ni. Bí ó bá kọ̀ láti wọlé, ohun méjì ni ó lè fà á: yálà ẹ ti fo oríta kan láàárín, tàbí ọ̀kan nínú gbólóhùn méjèèjì jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí ẹ yọ. Nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, ẹ kò lè sọ pé "Ó kọrin fún babaláwo, nítorí náà ó kú." Kíkọ̀ láti wọlé yẹn ni ó ń sọ fún yín pé irọ́ àti kíkọ̀ babaláwo ni ó sọnù láàárín.

Ẹ tún ṣàkíyèsí bí mo ṣe pín àyè. Gbólóhùn tí ó gùn jù ni ti irọ́, kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kì í nílò ju gbólóhùn kan lọ nínú méje, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jẹ́ kí a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn àti ohun tí ó ń wá. Orúkọ pàápàá ń gba àyè: ẹni tí kò bá dúró ní oríta kankan kò nílò orúkọ nínú àgékúrú. Yánníbo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí tirẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn fi bẹ̀rẹ̀, mo sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí àyè bá tún kéré sí i

Nígbà mìíràn, gbólóhùn mẹ́ta péré ni wọn yóò fún wa. Àwọn oríta kò ní dín. A ó kàn kó méjì-méjì sínú gbólóhùn kan. "Babaláwo fún Ìjàpá ní àsèjẹ tí yóò mú kí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n Ìjàpá jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà, ikùn òun fúnra rẹ̀ sì wú bí ti aboyún. Ó padà lọ fi irọ́ bẹ babaláwo, èyí kọ̀ fún un, ikùn náà sì bẹ́." Ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ ni òórùn, orin, gbòǹgbò àti orúkọ Yánníbo. Irọ́ ṣì wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ irú irọ́ tí ó jẹ́ mọ́.

Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, a gbọ́dọ̀ yàn. Èmi yóò sọ pé: "Ìjàpá jẹ àsèjẹ oyún tí wọ́n ní kí ó gbé fún ìyàwó rẹ̀ láìfẹnu kàn, ikùn tirẹ̀ wú, irọ́ tí ó sì fi bẹ̀bẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ikú." N kò rò pé ó ṣeé gé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yọ ìdá kan sí i, ó ti di ẹ̀kọ́, ìtàn ti parẹ́.

Ohun tí ó ṣàjèjì ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù

Nínú àpẹẹrẹ tí kò dára, ẹni tí ó kọ ọ́ sọ pé inú ń run Ìjàpá. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Akọ tí ikùn rẹ̀ wú bí ti aboyún ṣàjèjì sí i, ó sì fi ohun tí ó mọ́ ọn lára rọ́pò rẹ̀ láìmọ̀. Frederic Bartlett, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú nǹkan báyìí hàn nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní ọdún 1932. Ó fún àwọn ènìyàn ní ìtàn àwọn onílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà kan tí iwin wà nínú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa tún un sọ láti inú ìrántí. Ìtàn náà ń kúrú sí i bí wọ́n ti ń tún un sọ. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi di ọkọ̀ ojú omi lásán, ọdẹ ẹran omi di ẹja pípa, ipa tí àwọn iwin kó sì ń rẹlẹ̀ tàbí kí ó sọnù pátápátá. Ṣùgbọ́n lórí àwọn iwin yẹn ni ìtàn náà dúró lé.

Ọgbọ́n tí mo ń dá sí i ni pé lẹ́yìn kíkà àkọ́kọ́, mo máa ń kọ ohun kan tàbí méjì tí ó ṣe mí ní kàyéfì sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Nígbà tí mo bá kọ àgékúrú tán, mo máa ń padà lọ wò ó bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ti rí. Bí ohun ìyanu kan bá ti di ohun tí kò yani lẹ́nu mọ́, mo máa ń dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ìtàn fúnra rẹ̀ lò.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa àlọ́ tí òpin rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àwọn apàlọ́ kan kò jẹ́ kí Ìjàpá kú. Wọ́n ní babaláwo fún un ní oògùn mìíràn tí ikùn rẹ̀ fi rọ̀. Ẹ má ṣe da òpin méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá mú òpin tí ó ti yè bọ́, kíkọ̀ babaláwo kò sí níbẹ̀ mọ́, àánú babaláwo ni ó gba ipò rẹ̀, irọ́ inú orin náà yóò sì di ohun tí ó gbà á là tàbí ohun tí babaláwo fojú fò. Ẹyọ òpin kan tí a yí padà ń yí ìtumọ̀ àwọn oríta tí ó ṣáájú rẹ̀ padà. Ẹ yan èyí tí ẹ gbọ́, kí ẹ sì ti ẹ̀yìn òpin náà rìn bọ̀ lákọ̀tun.

Nígbà tí ìtàn kò bá tẹ̀lé bí ọjọ́ ti tẹ̀ lé ara wọn

Àlọ́ máa ń rìn síwájú tààrà. Ìtàn àròsọ kúkúrú tí a kọ sílẹ̀ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà kan sì ti máa ń yọjú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìtàn kan lọ báyìí. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Àbẹ̀kẹ́ kò ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀, nítorí pé kò wá síbi ìsìnkú ìyá wọn. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan tí ó ń palẹ̀ àpótí ìyá náà mọ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ojú ewé sọ̀rọ̀ nípa aṣọ, àwòrán àti ìbínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ àpótí ni ó ti rí lẹ́tà kan láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ìyá wọn, nínú èyí tí ó ti gbà, tẹkún-tẹkún, láti ṣe ohun tí ìyá náà bẹ̀ ẹ́ fún: kí ó má wálé, kódà bí òun bá kú, nítorí àwọn tí ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí ó dáhùn, ohun kan ṣoṣo ni ó lè sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀."

Bí a bá to ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ti tò ó, ẹ̀bẹ̀ ìyá ni yóò ṣáájú, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti pa ìtàn náà, nítorí pé oríta rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí ìyá bẹ̀bẹ̀. Oríta rẹ̀ ni ìṣẹ́jú tí Àbẹ̀kẹ́ mọ̀. Nínú irú ìtàn báyìí, bí ìmọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dá ìtàn ni kí ẹ tẹ̀lé: "Fún ọdún mẹ́wàá, Àbẹ̀kẹ́ bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé kò wá sin ìyá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń palẹ̀ àpótí ìyá náà mọ́, ó rí lẹ́tà kan tí ó fi hàn pé ìyá náà gan-an ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má wá, kí wọ́n má baà pa á. Nítorí náà, ó pè é, ṣùgbọ́n kìkì 'Ẹ káàárọ̀' ni ó lè jáde lẹ́nu rẹ̀."

Àwọn kan yóò kọ pé "ó rí lẹ́tà kan tí ó yí ohun gbogbo padà", kí wọ́n má baà tú àṣírí ìtàn. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ láti mú kí ẹlòmíràn fẹ́ ka ìtàn náà, ẹ dúró ṣáájú lẹ́tà, kí ẹ má sì dárúkọ rẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn náà ni ẹ fẹ́ sọ, ẹ sọ ohun tí ó wà nínú lẹ́tà. Gbólóhùn tí ó sọ fún wa pé nǹkan yí padà láìsọ ohun tí ó yí i padà kò wúlò fún ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ fi etí ẹlòmíràn dán an wò

Ẹni tí ó mọ ìtàn náà kò lè rí ohun tí ó sọnù nínú rẹ̀, nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ ni yóò máa dí àlàfo náà. Ẹ wá ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí ẹ ka àgékúrú náà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì ní kí ó tún un sọ fún yín. Ẹ má ṣe ràn án lọ́wọ́. Níbi tí ó bá ti dá ìdí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sọ, fún àpẹẹrẹ, pé babaláwo bínú nítorí pé Ìjàpá kò sanwó, ibẹ̀ ni ìdí kan kò ti dé etí rẹ̀. Níbi tí ó bá ti béèrè pé "Kí ló dé tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀?", oríta kan ni ẹ fò. Níbi tí ó bá ti fo ohun kan tí ẹ kọ, tí ìtàn rẹ̀ sì ṣì dúró ṣánṣán, ẹ padà lọ wo ohun náà, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti yẹ kí ẹ yọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnìkan nítòsí, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi ìka tẹ̀lé gbólóhùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì máa béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kí ni ó fà á; ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn kan tí ó wà lókè rẹ̀.